Mo gbá 92, ọ̀rẹ́ mi gbá 101, òun ló gba ife: báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò hándíkáàpù gan-an?

Aṣẹ̀ṣẹ̀dé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé mi nínú láti ọjọ́ Sátidé. Mo ní kí n kọ́kọ́ tú u síta níbí kí n tó lọ fi ẹnu kọ nǹkan lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù wa.

A ṣe ìdíje ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́, ihò 18. Mo gbá 92. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ rìn gbá 101. Ojú mi ló ṣe o, èmi ni mo ń kọ káàdì rẹ̀, èmi náà ni mo fọwọ́ sí i. Nígbà tó kan ká pe ẹni tó gba ife, òun ni wọ́n pè! Wọ́n ní nẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ìyẹn iye tó kù tí wọ́n bá ti yọ hándíkáàpù kúrò, jẹ́ 73, tèmi 74. Nínú gọ́ọ̀fù tí ẹni tó gbá kéré jù ń borí, ẹni tí mo fi gbígbá mẹ́sàn-án ṣáájú!

Mo délé, mo mú bírò. Páà pápá wa, ìyẹn iye gbígbá tó yẹ kí ògbóǹtarìgì fi parí rẹ̀, jẹ́ 72. Tí mo bá ro 20 káàdì mi tó kẹ́yìn pọ̀ tí mo pín in, 95 ló ń fún mi. Ìyẹn ni pé mo máa ń fi 23 ju páà lọ. Ó yẹ kí wọ́n yọ 23 fún mi, kí nẹ́ẹ̀tì mi jẹ́ 69. Àmọ́ 18 péré ni wọ́n yọ. Wọ́n yọ 28 fún ọ̀rẹ́ mi.

Èyí tó wá dùn mí jù rèé: mo wo áàpù tí wọ́n ń kọ máàkì sí, mo rí i pé 98 ni wọ́n kọ fún un níbẹ̀. Káàdì tí mo fọwọ́ sí, 101 ló wà níbẹ̀. Ta ló yọ mẹ́ta? Ṣé kì í ṣe pé ẹnì kan ń bá a wá ojú rere báyìí?

Ajá_Ọdẹ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀. Kò sí màgòmágó nínú 18 tí wọ́n fún yín. Hándíkáàpù kì í ṣe kéèyàn ro gbogbo káàdì pọ̀ kó pín in. Káàdì 10 tó dára jù nínú 20 ni wọ́n ń mú, wọ́n á wá mú ìdá 96 nínú 100 nínú ohun tó bá jáde. Ìdí nìyẹn tó fi kéré sí 23 tí ẹ ń wí.

Ti 98 yẹn, àṣìṣe áàpù ni. Ẹ sọ fún akọ̀wé kó tún un ṣe.

Tẹ́tẹ́_Ò_Tán

Hándíkáàpù tí èmi mọ̀ ni èyí tí wọ́n á fún ẹgbẹ́ tí kò lágbára ní góòlù kan ààbọ̀ kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá fi góòlù kan pàdánù, ẹni tó ta tẹ́tẹ́ lé wọn ṣì jẹ. Ṣé bákan náà ni?

Ajá_Ọdẹ

Bọ̀dá, gọ́ọ̀fù la wà lórí ẹ̀ níbí o. Àmọ́ ká sòótọ́, ẹ ò jìnnà.

Àǹtí_Káàdì

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń bójú tó káàdì nínú ẹgbẹ́ tiwa, irú ẹjọ́ báyìí sì ni mo máa ń dá ní gbogbo oṣù. Ẹ jẹ́ kí n mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n sì tún ọ̀rọ̀ Ajá_Ọdẹ ṣe díẹ̀.

Àbúrò mi Ajá_Ọdẹ, 10 nínú 20 àti ìdá 96 tí o sọ, ètò àtijọ́ ti Amẹ́ríkà nìyẹn. Láti 2020 tí R&A àti USGA, àwọn tó ń ṣe òfin gọ́ọ̀fù, ti so gbogbo ètò pọ̀ di ọ̀kan fún àgbáyé, 8 tó dára jù nínú 20 tó kẹ́yìn ni wọ́n ń mú, wọ́n á pín in sí mẹ́jọ, ó parí. Kò sí ìdá 96 mọ́. Òótọ́ ni ìdí ọ̀rọ̀ rẹ o: àwọn ọjọ́ tó dára ni hándíkáàpù ń wò, kò wo ọjọ́ gbogbo.

Aṣẹ̀ṣẹ̀dé, ibi tí ìṣírò rẹ ti yà kúrò lọ́nà nìyẹn. 95 rẹ ni bí o ṣe máa ń gbá tí a bá da ọjọ́ rere pọ̀ mọ́ ọjọ́ burúkú. Hándíkáàpù ń béèrè pé, tí ara rẹ bá dá, tí bọ́ọ̀lù sì gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu, kí lo lè gbá? Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi í gbá nẹ́ẹ̀tì tó bá páà dọ́gba lọ́pọ̀ ìgbà. Tó bá jẹ́ gbogbo ọ̀sẹ̀ ni ẹnì kan ń gbá nẹ́ẹ̀tì 68, ẹ má pè é ní akọni, ẹ lọ wo káàdì rẹ̀.

Kì í ṣe iye tó wà lórí káàdì gangan ni wọ́n tilẹ̀ ń mú nínú mẹ́jọ yẹn. Pápá kò rí bákan náà. 92 lórí pápá tí ihò rẹ̀ tẹ́jú gbalaja kì í ṣe ẹgbẹ́ 92 lórí èyí tí omi àti igbó há lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Nítorí náà wọ́n fún pápá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì, ẹ máa rí wọn lórí káàdì pápá. Àkọ́kọ́ ni rétíǹgì, ìyẹn iye tí ògbóǹtarìgì tí hándíkáàpù rẹ̀ jẹ́ òdo máa ń gbá níbẹ̀. Èkejì ni sílóòpù, tó ń sọ bí pápá náà ṣe le tó fún àwa yòókù tí a fi wé ògbóǹtarìgì yẹn. Sílóòpù máa ń wà láàárín 55 sí 155, 113 sì ni wọ́n mú gẹ́gẹ́ bí pápá tí kò le jù tí kò sì rọrùn jù.

Aṣẹ̀ṣẹ̀dé, bá wa wo káàdì pápá yín, kí o sọ rétíǹgì àti sílóòpù fún wa, pẹ̀lú íńdẹ́ẹ̀sì, ìyẹn nọ́ńbà tó jáde nínú mẹ́jọ yẹn, tìrẹ àti ti ọ̀rẹ́ rẹ tí áàpù gbé jáde.

Aṣẹ̀ṣẹ̀dé

Àǹtí, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti wò ó. Rétíǹgì 71.2, sílóòpù 124. Íńdẹ́ẹ̀sì mi jẹ́ 18.4, ti ọ̀rẹ́ mi 27.6.

Ẹ wá wo ohun tó tún rú mi lójú. Tí ẹ bá yọ 18.4 kúrò nínú 92, ẹ ó rí 73.6. Tí ẹ bá yọ 27.6 kúrò nínú 101, ẹ ó rí 73.4. Ọ̀tọ̀ sì ni 74 àti 73 tí wọ́n kéde. Ibo ni wọ́n ti rí tiwọn?

Bàbá_Onígi

Àwọn ọmọdé òde òní, ẹ̀rọ ló ń ṣe ìṣírò fún yín, ìyẹn ni kò fi yé yín. Íńdẹ́ẹ̀sì kọ́ ni wọ́n ń yọ. Íńdẹ́ẹ̀sì dà bí owó ilẹ̀ òkèèrè tó wà nínú àpò rẹ: o gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ẹ sí owó pápá tí o fẹ́ gbá kí o tó ná an. Pápá tó le á fún ọ ní púpọ̀, èyí tó rọrùn á fún ọ ní kékeré.

Ó wá ku ohun kan tí mo fẹ́ sọ, kí ẹnikẹ́ni má bínú sí mi. Bí ìgbìmọ̀ yín bá jẹ́ onílàákàyè, kí wọ́n fi Sitébúfọ́ọ̀dù gbá ìdíje báyìí, níbi tí ihò kọ̀ọ̀kan ti ń gba pọ́ńtì tirẹ̀. Àwọn tó ń gbà 28 kò ní rí ààyè jẹ àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ní ìjẹkújẹ mọ́.

Àǹtí_Káàdì

Bàbá, ẹ kú àgbà. Àpẹẹrẹ owó ilẹ̀ òkèèrè yẹn, màá yá a lò lọ́jọ́ mìíràn. Màá padà sórí Sitébúfọ́ọ̀dù, torí mo ní ìjà díẹ̀ bá yín jà lórí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣẹ́ owó náà. Ẹ mú íńdẹ́ẹ̀sì, ẹ fi sílóòpù pápá lọ́po rẹ̀, ẹ fi 113 pín in, kí ẹ wá fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín rétíǹgì àti páà kún un. Níbí rétíǹgì fi 0.8 kéré sí páà, torí náà yíyọ ni a máa yọ ọ́.

```
18.4 × 124 ÷ 113 − 0.8 = 19.4
27.6 × 124 ÷ 113 − 0.8 = 29.5
```

Èyí ni hándíkáàpù yín lórí pápá yẹn. Tí ẹ bá gé e sí nọ́ńbà odidi, Aṣẹ̀ṣẹ̀dé gba 19, ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba 29. Ẹ má sọ pé 29.5 yẹ kó di 30 o. 29.487 ni gan-an, èmi ni mo gé e kúrú.

Ìgbésẹ̀ kan ṣì kù fún ìdíje. Nínú ìdíje tí kálukú ń gbá tirẹ̀, tí wọ́n ń ka gbogbo gbígbá, ìdá 95 nínú 100 ni wọ́n ń fún ènìyàn. Kí ẹ tó gé e ni kí ẹ mú ìdá náà. Ìdá 95 nínú 19.4 jẹ́ 18.4, ó di 18. Ìdá 95 nínú 29.487 jẹ́ 28.01, ó di 28. Ẹ yọ wọ́n kúrò nínú gúróòsì, ìyẹn gbogbo gbígbá orí káàdì: 92 yọ 18, ó ku 74. 101 yọ 28, ó ku 73. Nọ́ńbà ìgbìmọ̀ yín pé gẹ́lẹ́.

Àgbọn_Inú_Ihò

Ìdá 95 yìí ni mo kórìíra jù nínú ètò yìí. Kí ló dé tí wọ́n fi ń já a jẹ lára ènìyàn? Ẹni tó ní 30 pàdánù ọ̀kan ààbọ̀, ẹni tó ní 6 kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù nǹkan kan. Ṣé ìyẹn dára?

Bàbá_Onígi

Ó dára dáadáa. Ẹni tó ń gbà 30, ọjọ́ rere rẹ̀ àti ọjọ́ burúkú rẹ̀ jìnnà síra bí ọ̀run àti ayé. Tí irú wọn bá pọ̀ nínú ìdíje, ọ̀kan nínú wọn á ṣáà ní ọjọ́ rere lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó ń gbà 6 kì í ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń gbá bákan náà. Ìdá márùn-ún yẹn ni wọ́n fi ń dá ìwọ̀n náà dọ́gba.

Àgbọn_Inú_Ihò

Bàbá, tí àwa bá jẹ́ 12 péré lórí pápá ńkọ́?

Àǹtí_Káàdì

Ó ní ìdí tó fi béèrè, Bàbá. Nítorí èrò púpọ̀ ni wọ́n ṣe ṣe ìdá 95. Tí àwọn tó ń díje kò bá tó 30, ìmọ̀ràn ètò náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ni pé kí wọ́n fún kálukú ní gbogbo rẹ̀, 100 nínú 100. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ìgbìmọ̀ kéde èyí tí wọ́n máa lò kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí ẹni tó borí.

Ó wá kan 98, tí àbúrò wa fẹ́ torí ẹ̀ bá ọ̀rẹ́ jà. Aṣẹ̀ṣẹ̀dé, ìbéèrè kan: ǹjẹ́ ihò kan wà tí ọ̀rẹ́ rẹ ti bọ́ sínú wàhálà ńlá lọ́jọ́ náà?

Aṣẹ̀ṣẹ̀dé

Hà, Àǹtí, ẹ ò tíì rí nǹkan! Ihò keje, páà 4. Bọ́ọ̀lù méjì ló wọ omi. Ó tún gbá inú yanrìn lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jáde. 11 ló kọ síbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Àǹtí_Káàdì

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wo nọ́ńbà kékeré tó ń sọ bí ihò kọ̀ọ̀kan ṣe le tó lórí káàdì, láti 1 tó le jù dé 18 tó rọrùn jù. Kí ni ti ihò keje?

Aṣẹ̀ṣẹ̀dé

5 ni.

Àǹtí_Káàdì

Ó dáa. Ọ̀rẹ́ rẹ gba 29 lórí pápá yẹn. A óò pín 18 àkọ́kọ́ sí gbogbo ihò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ku 11, àwọn ihò 11 tó le jù sì gba ìkejì. Ihò keje jẹ́ ìkarùn-ún tó le jù, torí náà méjì ló gbà níbẹ̀.

Tí a bá fẹ́ fi káàdì ṣe hándíkáàpù, òfin ní ibi tí máàkì ihò kan gbọ́dọ̀ dúró. Páà ihò náà, a fi méjì kún un, a tún fi iye tí ènìyàn gbà níbẹ̀ kún un. Nẹ́ẹ̀tì dọ́bù bógì ni wọ́n ń pè é. Fún ọ̀rẹ́ rẹ ní ihò keje: 4, àti 2, àti 2, ó jẹ́ 8. 11 rẹ̀ di 8, mẹ́ta kúrò, 101 di 98. Áàpù kò ṣàṣìṣe, ẹnikẹ́ni kò sì wá ojú rere.

Fún ìdíje, 11 rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹrẹpẹrẹ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kà. 101 ni wọ́n yọ 28 kúrò nínú rẹ̀, kì í ṣe 98. Tí wọ́n bá fi 98 ṣe ìdíje ni, nẹ́ẹ̀tì 70 ni ì bá ní, ì bá sì fi mẹ́rin ṣáájú rẹ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò dé nìyí: mẹ́ta tí wọ́n yọ yẹn, ọ̀rẹ́ rẹ ni yóò san án. Wo nọ́ńbà tí káàdì náà máa kọ sínú ìwé rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń mú mẹ́jọ tó dára jù nínú rẹ̀.

```
(113 ÷ 124) × (98 − 71.2) = 24.4
(113 ÷ 124) × (101 − 71.2) = 27.2
```

Íńdẹ́ẹ̀sì rẹ̀ jẹ́ 27.6. Tí wọ́n bá fi 101 sílẹ̀, 27.2 yẹn kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ yí nǹkan kan padà. Àmọ́ 24.4 á wọ inú mẹ́jọ tó dára jù. Ká ní èyí tó máa tì jáde nínú mẹ́jọ náà jẹ́ 29.2. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 4.8. Pín in sí mẹ́jọ, ó jẹ́ 0.6. Íńdẹ́ẹ̀sì rẹ̀ á wálẹ̀ sí 27.0, 27 ni wọ́n á sì fún un nínú ìdíje tó ń bọ̀ dípò 28. Tí ẹ̀yin méjèèjì bá tún gbá 92 àti 101 nígbà náà, 74 ni ẹ óò jọ ní. Òfin yẹn wà kí ihò burúkú kan má baà fi hándíkáàpù gígùn ta ènìyàn lọ́rẹ.

Bàbá_Onígi, ẹ jọ̀ọ́, Sitébúfọ́ọ̀dù ń ran irú ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí lọ́wọ́ ni. Níbẹ̀, 11 ihò keje á kàn fún un ní òdo pọ́ńtì, á gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀, á lọ sí ihò kẹjọ. Aṣẹ̀ṣẹ̀dé ì bá pàdánù jù báyìí lọ.

Bàbá_Onígi

Mo gbà fún ọ lórí èyí. N kò ro ti ihò tó bá bàjẹ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n n kò tíì yí ọkàn padà lórí àwọn tó ń gbà 28.

Ewé_Tuntun

Ẹ forí jì mí pé mo já lu ọ̀rọ̀. Èmi kò tíì ní 20 káàdì. Mẹ́ta péré ni mo ní, àwọn nọ́ńbà tó jáde sì jẹ́ 36.2, 33.8 àti 39.0. Àmọ́ áàpù ní íńdẹ́ẹ̀sì mi jẹ́ 31.8, mi ò sì tíì gbá irú ẹ̀ rí láyé mi! Ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà bá ẹnikẹ́ni díje?

Àgbọn_Inú_Ihò

Bó ṣe ṣe èmi náà nìyẹn. Tí káàdì bá jẹ́ mẹ́ta, èyí tó kéré jù ni wọ́n ń mú, wọ́n á tún yọ méjì nínú ẹ̀. 33.8 yọ 2, ó di 31.8. Wọ́n rò pé aláìmọ̀kan á yára mọ̀ ọ́n gbá. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ mi, mi ò gba nǹkan kan. Fi káàdì sí i ṣáá. Tó bá di márùn-ún, wọn ò ní yọ nǹkan mọ́, èyí tó kéré jù ni wọ́n á mú bẹ́ẹ̀. Tó bá di mẹ́fà, méjì ni wọ́n á mú, wọ́n á sì yọ ọ̀kan. Kò ní dúró lójú kan títí o fi máa pé 20.

Bàbá_Onígi

Fi gbogbo káàdì sí i o, kì í ṣe èyí tó bá wù ọ́. Ibi tí olè wà gan-an nìyí, Aṣẹ̀ṣẹ̀dé, tí o bá ń wá olè. Mo mọ ẹnì kan nígbà kan tí kì í kọ ọjọ́ rere sílẹ̀. Tó bá gbá 84, káàdì á sọnù. Tó bá gbá 97, ó ti wà lórí tábìlì akọ̀wé kí òun tó bọ́ bàtà. Ọjọ́ ìdíje nìkan ni a máa ń rí 84 rẹ̀. Ohun tí mo máa ń wò ni èyí: ẹ tẹ́ káàdì ìdíje rẹ̀ sí apá kan, káàdì tó fi ń ṣeré sí apá kejì. Tí ti ìdíje bá dára ju ti eré lọ nígbà gbogbo, ẹ bi í léèrè.

Àǹtí_Káàdì

Mo fara mọ́ ọn. Ètò náà sì ní ìdákọ̀ró tirẹ̀: íńdẹ́ẹ̀sì ènìyàn kò lè fi ju 5.0 gòkè lórí èyí tó kéré jù tó ti ní láàárín ọdún kan, ó sì ti máa ń fà á sẹ́yìn láti orí 3.0. Kò dá olè dúró o, ó kàn ń mú kí olè náà rìn díẹ̀díẹ̀.

Aṣẹ̀ṣẹ̀dé

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo fi ohun tí Bàbá sọ wo ìwé ọ̀rẹ́ mi. Káàdì ìdíje rẹ̀ àti ti eré rẹ̀ kò yàtọ̀. Èmi gan-an ló tilẹ̀ yẹ kí wọ́n bi léèrè, torí mo rí i pé mo ti gbàgbé láti fi káàdì 89 kan sílẹ̀ ní oṣù tó kọjá. Mo ti bẹ akọ̀wé kó bá mi fi sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé íńdẹ́ẹ̀sì mi máa wálẹ̀.

Àmọ́ mo rántí ohun tí Àǹtí sọ nípa 30. Àwa 24 péré la díje. Mo bá sáré mú bírò, mo ní bóyá ire mi wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá fún wa ní gbogbo rẹ̀, èmi gba 19, òun gba 29. 92 yọ 19, 73. 101 yọ 29, 72.

Ó ṣì fi ọ̀kan borí mi. Ẹ jẹ́ kí n lọ sùn.

Tẹ́tẹ́_Ò_Tán

Ẹ dúró ná. Ṣé ẹ ń ta tẹ́tẹ́ lórí eré yìí?